Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Inú Lẹ́tà Ìyá Abẹ́rẹ́

Orí fóònù ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọkọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohùn rẹ̀ ń há bíi ti ẹni tí omi kù sí lọ́fun. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kò súre fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé lẹ́tà kankan dé? Tó bá dé, má fọwọ́ kàn án o. Gbé e sórí fíríìjì. Tí mo bá délé, màá kà á."

"Mo ti gbọ́."

"Má sọ pé o ti gbọ́, kí o tún lọ tú u."

"Kí ni n ó tú u ṣe? Ṣé mo mọ̀wé ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé bàbá, fóònù já. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti lọ.

Ẹ má rò pé irọ́ ni ìyàwó pa fún un. Kò mọ̀wé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń bá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín yẹn, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tó ti ń yọ́ lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà, lọ́jọ́ Wẹ́sídeè àti ọjọ́ Fúráìdeè, tí yóò sọ nílé pé òun fẹ́ gbé aṣọ oníbàárà lọ fún un. Ó fẹ́ kọ́ ọ títí yóò fi lè ka lẹ́tà kan tán, kí ó wá jókòó lọ́jọ́ kan, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, kí ó sì kà á bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó ti ń fọkàn rí bí ojú bàbá yóò ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá náà kò ju kí ó dá iye mọ̀, kí ó mọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rìnlélógójì. Èyí tó mọ̀ jù nínú wọn ni "kò", nítorí pé òun ló pọ̀ jù lára ògiri ìlú.

Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju yàrá ìwẹ̀ lọ: ẹ̀rọ kan, àga méjì, dígí gígùn kan tó ti là láti ìbàdí, tó fi jẹ́ pé gbogbo oníbàárà ni í rò pé àwọn ti ní ìbàdí méjì. Ó máa ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó máa ń dín ẹ̀wù kù fún ẹni tó rù, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ fún ẹni tó sanra láìbi í léèrè ohun tó jẹ. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Abẹ́rẹ́ nítorí pé kò sígbà tí abẹ́rẹ́ kì í sí lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé ọjọ́ tí màmá òun bá sín ni wàhálà yóò dé.

Òkèèrè ni àwọn méjèèjì ti wá sí orílẹ̀-èdè yìí, orí ọkọ sì ni wọ́n gbé ìwé ìgbélùú rẹ̀, àṣẹ tó fi ń gbé ibẹ̀, lé. Ọmọ onílùú ni ọkọ ti dà, aya sì ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, ó di dandan kí opó náà tọrọ àṣẹ ní orúkọ ara rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gbé níbi tí sàréè ọkọ òun wà, tí ọmọ òun wà, tí ẹ̀rọ ìránṣọ òun wà. Ọmọ ló bá a kó ìwé jọ, tó fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Oṣù márùn-ún kọjá. Lẹ́tà dé ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, karùn-ún oṣù, ó nípọn bí ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́.

Obìnrin yìí, tí kò gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, wá ṣe ìgbọràn. Ó gbé e sórí fíríìjì. Lẹ́tà wà níbẹ̀ ní Tọ́sìdeè, ó wà níbẹ̀ ní Fúráìdeè. Ní ọjọ́ Sátidé ó wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ ò dé mọ́. Ẹ dárí jì mí." Ó fi sísọ́ọ̀sì tú u.

Kò pe ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá ti kú ni ọmọ ti di bàbá, ìyá, àti máníjà: òun ló ń ka oògùn, òun ló ń san owó iná, òun ló ń sọ fún màmá rẹ̀ pé kí ó wọ súẹ́tà. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan yìí, òun yóò fi hàn pé òun kì í ṣe ẹrù. Ó jókòó, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè. Ó rí orúkọ ara rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ dáadáa, inú rẹ̀ dùn. Ó rí orúkọ ọkọ rẹ̀ ní ojú ewé kẹta pẹ̀lú ọjọ́ tó kú, ó sì sunkún gan-an, ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bú òun. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ń ka gbogbo "kò" tó rí. "Kò" mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀. Kò sí ẹni tó ń fi "kò" mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbani lálejò.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló wá rí iye méjì: 14 àti 28, tí "ọjọ́" sì tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ronú bí aránṣọ. Bí wọ́n bá ní kéèyàn mú nínú yáàdì mẹ́rìnlá àti yáàdì méjìdínlọ́gbọ̀n, ta ni yóò mú mẹ́rìnlá? Ó mú méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó kà á sórí kàlẹ́ńdà láti ọjọ́ Sátidé tó tú lẹ́tà, ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí ọjọ́ ìkẹyìn po, ó sì po tíì fún ara rẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe gbéra ga tó lọ́jọ́ náà. Bí tísà kíláàsì bá rí i, yóò gbà á níyànjú pé kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, kẹrìndínlógún oṣù, ó gbé síkẹ́ẹ̀tì kan lọ fún oníbàárà rẹ̀ tó ń pè ní Onígíláàsì nítorí gíláàsì ojú rẹ̀. Onígíláàsì kì í ṣe lọ́yà. Ó ní ìwé àṣẹ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, pé ó lè gba àwọn àjèjì nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìgbélùú, ó sì ń jókòó sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn láíbìrì. Tábìlì, kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó ń ráhùn, àti àwọn tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí kò ní wàhálà. Lẹ́tà wà nínú báàgì rẹ̀, nítorí pé ibi gbogbo ló ń gbé e lọ nísinsìnyí.

Nígbà tó kàn án, ó gbé síkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Onígíláàsì ní, "Ẹ ṣé o, mà. Àwọn ìwé yín ńkọ́? Wọ́n ti dáhùn?"

"Wọ́n ti dáhùn, wọ́n kọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìjayà, ọmọ mi. Mo ṣì ní ọjọ́ méjìdínlógún nílẹ̀."

"Ta ló kà á fún yín?"

"Èmi ni."

Onígíláàsì na ọwọ́. Kò rẹ́rìn-ín, èyí sì bí Ìyá Abẹ́rẹ́ nínú díẹ̀, nítorí pé ó ti ń retí ìyìn. Ó gba lẹ́tà, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

"Kí ló dé tó o fi ń kà á láti ìdí? Ṣé àdìrẹ ni, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ bára mu?"

"Iwájú ni wọ́n ti ń kí èèyàn, mà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń sọ ọjọ́. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, kí la fẹ́ ka ìyókù ṣe?" Ó fi bírò aláwọ̀ ewé yí ìlà méjì po. "Ibí nìyí. Ẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó dára, torí kì í ṣe gbogbo ìkọ̀ ló ní ẹjọ́ lẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá."

"Mẹ́rìnlá wà níbẹ̀ lóòótọ́, méjìdínlọ́gbọ̀n náà wà níbẹ̀. Mo mú èyí tó gùn."

"Kì í ṣe ká mú èyí tó wù wá, mà. Méjìdínlọ́gbọ̀n, ti ẹni tó wà lẹ́yìn odi orílẹ̀-èdè yìí ni. Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ láíbìrì. "Níwájú rẹ ni."

"Mẹ́rìnlá ni tiyín. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà?"

"Ọjọ́ tí mo tú u. Ṣé wọ́n máa ka ọjọ́ tó fi sùn lórí fíríìjì mọ́ mi lọ́rùn ni?"

"Wọ́n kà á mọ́ yín lọ́rùn, mà. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni. Ẹ wo òkè ìwé: ọjọ́ Túsìdeè, kẹta oṣù."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ká ìka. Ó kà á bí àwọn tó bí i ṣe kọ́ ọ: òní, ọ̀la, ọ̀túnla, òní fúnra rẹ̀ sì ni oókan. Túsìdeè, oókan. Wẹ́sídeè, eéjì. Ó ka ìka ọwọ́ méjèèjì tán, ó tún padà sí àtàńpàkò. Mọ́ńdè ni ẹ̀rìnlá. Agogo ara ògiri ti kọjá mẹ́rin, wọ́n sì ń ti fèrèsé láíbìrì níta. Ó dìde, ó mú báàgì.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ di ẹrù mi. Òní ló pé."

"Ẹ jókòó. Ìjọba ò ka ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Wẹ́sídeè, ni oókan. Ọ̀la ló pé."

Ó jókòó. Kò dúpẹ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé gbogbo ìṣirò mi ni kò wúlò ni, àti èyí tó gùn àti èyí tó kúrú?"

"Èyí tó kúrú ò léwu, mà. Ẹni tó bá tètè dé kì í pẹ́. Èyí tó gùn yẹn ni ì bá pa yín. Tí ọjọ́ bá kọjá, a ṣì lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ṣàlàyé ìdí tá a fi pẹ́, wọ́n sì lè kọ̀. Kí lẹ fẹ́ sọ? Pé ẹ fẹ́ràn nǹkan gígùn?"

Onígíláàsì wá yí ìwé padà sí iwájú. Ó mú bírò mẹ́ta. Ó ní lẹ́tà ìkọ̀ máa ń sọ oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta, téèyàn bá sì dà wọ́n pọ̀, á máa jà níbi tí kò sí ogun. Ó fi yẹ́lò kun ibi tí wọ́n kàn ń to òfin, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ó fi àwọ̀ ewé kun ibi tí wọ́n gbà: wọ́n gbà pé ó ṣe ìgbéyàwó, wọ́n gbà pé ọmọ onílùú ni ọkọ rẹ̀, wọ́n gbà pé ó kú lọ́jọ́ tó kú.

"Ibi tí mo ti sunkún nìyẹn," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbè yín lẹ́yìn, mà."

"Àwọn 'kò' mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn ńkọ́?"

"Òfin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí gangan, pupa la máa fi kùn ún." Ó ṣí ojú ewé, ó tún dá a padà. Ó ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀. "Mà, ojú ewé karùn-ún, ó sì bọ́ sí keje. Ìpínrọ̀ kẹrìndínlógún, ó bọ́ sí kejìlélógún. Ibo ni ojú ewé kẹfà wà?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo báàgì rẹ̀. Ó mọ ibi tó wà. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ ìwé náà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Lọ́jọ́ Fúráìdeè tó kọjá, ọkùnrin kan wá wọn kóòtù, kò sí ìwé nítòsí, ó sì wo inú lẹ́tà, ó mú èyí tí kò ní iye kankan tó já mọ́ nǹkan. Èjìká ogún, àyà mẹ́tàlélógójì, ọwọ́ mẹ́rìnlélógún. Ó fi píìnì kan án mọ́ ara kóòtù náà.

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù," ó ní. "Ó wà lára kóòtù ọkùnrin kan."

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì, ó nu ún. Ó tún wọ̀ ọ́. "Ibẹ̀ ni ìdí wà, mà. Gbogbo ìdí tí wọ́n fi kọ̀ wà ní ojú ewé yẹn. Ẹ gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la, aago mẹ́sàn-án. Kí ẹ sì pe ọmọ yín."

Pípe ọmọ ló le jù. Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró níta láíbìrì, ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ ti jẹun.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Lẹ́tà yẹn dé."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọmọ ní, "Ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kà á."

"Mo kà á dáadáa. Ọjọ́ nìkan ni mo ṣì. Àti ojú ewé kan tí mo fi wọn kóòtù."

"Màámi, tí wọ́n bá lé yín kúrò nílùú yìí, ta ni mo fẹ́ máa bá jà?" Ohùn ọmọ gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti jẹ́ ẹ̀fẹ̀. "Màá wà níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án."

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, àwọn mẹ́ta yí tábìlì po. Ojú ewé kẹfà ti ní ihò píìnì mẹ́rin. Onígíláàsì ṣe fọ́tòkọ́pì iwájú rẹ̀ nìkan, ó ní ilé ẹjọ́ kò nílò àyà ọkùnrin náà. Ó wá fi bírò pupa kun ìpínrọ̀ mẹ́ta péré. Mẹ́ta, nínú gbogbo ìwé tó nípọn yẹn.

"Ìdí kan ṣoṣo ni, mà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbé e gbà wá. Wọ́n ní ẹ ò fi hàn pé ẹ jọ ń gbé pẹ̀lú ọkọ yín nígbà tó kú. Ọ̀kan, orúkọ ọkọ yín nìkan ló wà lórí ìwé ilé. Èkejì, fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kò ní ọjọ́ lára. Ẹ̀kẹta ló le: ìwé yín méjì, ti kílíníìkì àti ti ilé ẹ̀kọ́ kan, àdírẹ́sì ọmọ yín ló wà lára wọn. Wọ́n ní ó jọ pé ilé ọmọ yín lẹ̀ ń gbé."

Ọmọ yíjú. "Ilé ẹ̀kọ́ wo? Ìwé tí mo rò pé kíláàsì ìránṣọ ni yẹn?"

Abẹ́rẹ́ kò sí lẹ́nu Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì rí ohun tí yóò fi ẹnu rẹ̀ ṣe. Ó sọ ọ́. Ó sọ Wẹ́sídeè, ó sọ Fúráìdeè. Ó ní bí ìwé kíláàsì bá wọlé wá, bàbá yóò rí i, òun ló ń ka gbogbo ìwé. Nítorí náà ló ṣe ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé ọmọ, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní kílíníìkì náà kó má baà jọ pé ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ó ní, "Mo fi ọgbọ́n orí bo ara mi títí ìjọba fi gbà pé mo kọ ọkọ mi sílẹ̀."

Ọmọ mú ọwọ́ màmá rẹ̀ lórí tábìlì, ó dì í mú.

"Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí gan-an ni èsì sí ẹ̀kẹta," ni Onígíláàsì wí. "Ẹ̀rí yín la máa kọ ọ́ sí, ẹ ó sì fọwọ́ sí i."

"Kí n kọ ọ́ fún adájọ́ pé mo ń kọ́ a, b, d lọ́jọ́ orí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Lónìí, fọ́ọ̀mù ẹjọ́ la máa fi ránṣẹ́, àti lẹ́tà wọn, àti àwọn ìpínrọ̀ tá ò gbà. Ẹ̀rí lè tẹ̀ lé e."

Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á jáde bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìpínrọ̀ kejìdínlógún, a kò gbà, nítorí pé ìwé ọsibítù kọ orúkọ aya sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò pè, ilé kan náà ni àdírẹ́sì àwọn méjèèjì. Ọmọ rántí pé ọjọ́ wà nínú fóònù òun lórí àwọn fọ́tò náà. Onílé yóò kọ lẹ́tà. Obìnrin tó ń gbé lókè wọn yóò jẹ́rìí, ó ti fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ nítorí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kejì tó wà nílé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà béèrè bóyá wọ́n wà láàárín gbèdéke, Onígíláàsì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni nọ́ńbà ẹjọ́ jáde. Ìyá Abẹ́rẹ́ kà á sókè fúnra rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ, kò ṣi ọ̀kan.

Ilé ẹjọ́ kọ̀wé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n fún un ní ọjọ́ kan tí gbogbo ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti dé. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn mẹ́ta ló ka ọjọ́ náà, èsì wọn sì bára mu. Lẹ́tà onílé ti dé. Ìwé ọsibítù ti dé. Obìnrin òkè ti fọwọ́ sí tirẹ̀, ó tilẹ̀ fi ariwo ẹ̀rọ kún un.

Ẹ̀rí Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló kù. Onígíláàsì ní òun lè bá a kọ ọ́, Ìyá Abẹ́rẹ́ ní rárá. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀, ó ti kọ ọjọ́, ó ti kọ pé òun jẹ́ opó. Ìlà tó tẹ̀ lé e, tó yẹ kó ti sọ ìdí tí ọkọ rẹ̀ kò fi mọ̀ nípa kíláàsì, kò tíì kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí gbèdéke ẹ̀rí pé.